Orúkọ Amòòkùnṣìkà Tí Kò Ní Pa Òǹkàwé Lẹ́rìn-ín

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀yin àgbà òǹkọ̀wé. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mò ń kọ, àárín Kàbà sí Lọ́kọ́ja ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ọ̀daràn inú rẹ̀ ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, ẹni tó bá sì dí i lọ́nà kì í pẹ́ láyé. Mo sọ ọ́ ní Olóyè Ìkàlayé. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Ejò àti Ikú-Ò-Lójú. Àbúrò mi kà á, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe lè rí orúkọ tí yóò máa kọni lóminú, tí kò sì ní di àwàdà? (Òǹkàwé kan, láti Ìsánlú)

Ìdáhùn: Okun o. Ẹ má bá àbúrò yín jà. Ìkàlayé ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ojú ìwé kìíní, kí ọlọ́pàá tó gbéra nílé. Kò sí ohun tó kù tí òǹkàwé yóò fura sí, ìtàn ọ̀daràn tí kò bá sì ní ìfura nínú, ẹ̀rín ni yóò gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé ẹ̀yin òǹkọ̀wé lẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ kò jẹ́ kí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọkùnrin yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé pé yóò gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé wọn: ọmọ tó kú ṣáájú rẹ̀, bàbá tó wà lájò, ẹbí tó ń bá wọn jà, oyè tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó wá orúkọ rárá, ẹ mú tákàdá kan, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: ta ló sọ ọmọ náà lórúkọ, ọdún wo ni, kí ló sì ń jẹ wọ́n níyà nílé lọ́dún náà. Orúkọ tí kò bá lè ti inú ìdáhùn wọ̀nyí jáde, orúkọ orí ìtàgé ni.

Oríire wa ni pé Yorùbá ti ní orúkọ tó ń kọni lóminú nílẹ̀, àwọn òbí gidi ló sì fi ìfẹ́ sọ wọ́n. Àwọn orúkọ àbíkú ni mò ń wí. Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin ọmọ. Ìgbẹ́kọ̀yí: igbó tí wọ́n ń gbé òkú àbíkú lọ kọ èyí. Kúkọ̀yí: ikú gan-an ló kọ̀ ọ́. Málọmọ́, Bánjókòó, Dúrósinmí. Ẹ kà wọ́n sókè kí ẹ gbọ́ ọ. Ikú, ilẹ̀, igbó, ọkọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú wọn, síbẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n, kò sí èyí tó ń halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Òjìji ikú wà lára orúkọ náà, a kò sì lè tìtorí rẹ̀ dá ẹni tó ń jẹ́ ẹ lẹ́bi. Àwọn orúkọ àmútọ̀runwá kan náà kò jìnnà síbẹ̀: Ìgè tó fi ẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí tó dojú bolẹ̀, Àìná tó gbé ìwọ́ kọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká mú Dúrósinmí, ká fi ṣe ọ̀gá ọ̀daràn yín. Mo fẹ́ ẹ ju Kòsọ́kọ́ lọ, nítorí Kòsọ́kọ́ ti ní olówó: ọba Èkó tó wà lórí oyè láti 1845 sí 1851, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ojú omi lé kúrò nílùú. Bí òǹkàwé bá ti rí orúkọ yẹn, Èkó ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, ẹ ó sì máa fà á padà sí Kàbà ní gbogbo ojú ìwé. Dúrósinmí kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dání. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń jẹ́ ẹ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kò tọ́ka sí ilé kan ṣoṣo.

Ẹ ní ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ méjì kó tó bí i. Ó wá ń bẹ èyí pé kó dúró, kó lè sin òun. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n fi Títù kún un. Ọjọ́ orí yìí ṣe pàtàkì o. Òbí tó bímọ ní 2000 kì í sábà sọ ọmọ ní Dúrósinmí mọ́. Bí ọ̀daràn yín bá jẹ́ ọ̀dọ́ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àfi kó jẹ́ pé orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ló di orúkọ ìdílé. Àṣìṣe ọjọ́ orí yìí ni òǹkàwé tó dàgbà kọ́kọ́ máa ń rí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò ní lè sọ ohun tó ń dùn ún.

Orúkọ gígùn kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú ìtàn. Èyí tí ẹnu gé kúrú ló ń ṣe é. Dúrósinmí di Dúró. "Dúró ń bọ̀." "Dúró ti dé." "Dúró ní kí ẹ pe òun." Àṣẹ ni orúkọ náà, ẹni tó bá pè é ń sọ fún ara rẹ̀ pé kó má lọ. Ẹ kò ní ṣàlàyé èyí fún òǹkàwé, ó ní etí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣeré: ẹnìkan ń sá lọ lóru, ó gbọ́ tí wọ́n kígbe "Dúró!" lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń dá dúró tàbí ọ̀gá wọn ni wọ́n ń pè. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, òǹkàwé á ti máa retí rẹ̀, á sì di ẹ̀fẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Òfin kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin: orúkọ ọ̀daràn àti ọ̀nà tó ń gbà ṣìkà kò gbọdọ̀ bára mu. Bí Àìná bá ń fi okùn pa ènìyàn, ẹ ti padà sọ́dọ̀ Ìkàlayé. Ẹ jẹ́ kí Àìná jẹ́ akọ̀wé owó tó mọ gbogbo gbèsè ìlú lórí, kí ìwọ́ ọrùn rẹ̀ jẹ́ ohun tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ yóò rántí ní ọ̀gànjọ́. Bákan náà ni Dúrósinmí. Kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ sin ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dí i lọ́nà kàn wọ mọ́tò ní Ọbájànà ni, kò dé Kàbà, ó parí. Òkú kan ṣoṣo tí yóò sin nínú ìwé náà ni ti ìyá rẹ̀. Kó sin ín dáadáa, pẹ̀lú màlúù àti aṣọ ẹbí, kó sì sunkún tọkàntọkàn. Òǹkàwé tó bá rántí orúkọ náà níbẹ̀ yóò rí i pé ọkùnrin yìí ti ṣe ohun tí wọ́n bí i pé kó wá ṣe, gẹ́gẹ́ bí ọmọ rere. Orí rẹ̀ yóò wú. Ẹ kò sì ní tí ì kọ ọ̀rọ̀ ìkà kan ṣoṣo.

Ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ yìí ni ìnagijẹ, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń kọ ìtàn ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n rò pé ẹni tó ń bani lẹ́rù gbọ́dọ̀ ní ìnagijẹ tó ń bani lẹ́rù. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ejò di okùn ilẹ̀. Ṣànpọ̀nná di Olóde, ó di Ilẹ̀ẹ́gbóná. Àjẹ́ di àwọn ìyá wa. Bí ẹ̀rù bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀wọ̀ inú orúkọ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ wá wo ọmọọṣẹ́ yín tó ń jẹ́ Ejò: ta ló ń bẹ̀rù ejò tó ń pè é ní ejò? Ìnagijẹ ọ̀gá ọ̀daràn gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu àwọn tó ń gbọ̀n nítorí rẹ̀, kó sì dùn létí bí ìkíni. Fún Dúrósinmí, èmi á mú Onísùúrù. Kì í pariwo, kì í bínú, ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ wo bí yóò ṣe rí lẹ́nu ènìyàn:

"Ta ló ra ilẹ̀ ẹ̀bá odò yẹn, Ìyá?"

Ìyá àgbà náà ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè. "Wọ́n ti rà á."

"Ta ni wọ́n?"

"Ẹni yẹn náà ni." Ó fẹ́ èèpo kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Onísùúrù ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ó sì ń kí wa dáadáa. Ìgbà kẹta ni bàbá yín kò sí nílé mọ́."

Kò sí orúkọ ìkà níbẹ̀, kò sí ìbọn. Ìyá náà yẹra fún orúkọ gidi, ó yìn ín, ó sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi Ìkàlayé sí àyè Onísùúrù nínú ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo rẹ̀ wó.

Láti ibẹ̀, ẹ pín àwọn orúkọ rẹ̀ fún ẹnu tó tọ́ sí wọn. Ìyá rẹ̀ ń fi oríkì pè é, Àjàní. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Ìjọ ni. Àwọn tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè é ní Alága. Àwọn ọmọọṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe ní tòótọ́ ń pè é ní Dúró, ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé ọlọ́pàá kọ ọ́ láìsí àmì kankan, DUROSINMI TITUS, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ ń sọ pé "ẹni yẹn". Ohun tó máa ń dàrú níbí ni pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ padà nínú àlàyé, òǹkàwé á sì rò pé ènìyàn mẹ́fà ni. Ẹ̀yin, nínú ìròyìn tiyín, ẹ di Dúrósinmí mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn yòókù, inú ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kí wọ́n ti máa wá. Ẹ má sì mú ju orúkọ tuntun kan wọlé ní orí ìwé kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè wá fi ìyípadà orúkọ ṣe iṣẹ́: àgbẹ̀ tó ń pè é ní Títù ní orí kejì, nítorí pé wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́, tó wá ń sọ pé "ẹni yẹn" ní orí kẹsàn-án. Ẹ kò ní láti sọ fún wa pé ẹ̀rù ti ń bà á.

Nípa ìró orúkọ, díẹ̀ ni mo ní í sọ, nítorí àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ àsọdùn. Lóòótọ́ ni ohùn dò máa ń wúwo létí wa, tí ohùn mí ń fúyẹ́. Ẹ gbọ́ ròbòtò, kí ẹ tún gbọ́ róbótó, ẹ ó mọ èyí tó tóbi láìwo nǹkan kan. Ìdí nìyí tí Ìgè fi dára fún ọmọọṣẹ́ tó ń lu ènìyàn: dò méjì, ó kúrú, ó sì já bọ́. Ó tún jẹ́ orúkọ tí ọmọlúwàbí ń jẹ́, kò sẹ́ni tí yóò fura. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni orúkọ tó jọ ìró ohun tó já lulẹ̀, tàbí tó ń pe ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: Gbàǹgbà, Wàràwàrà àti irú wọn. Àwọn aláwàdà ti gba gbogbo ilẹ̀ yẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Ejò ti di Ìgè, ó ku Ikú-Ò-Lójú. Ìnagijẹ ìgboro kì í sábà sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe. Ohun kékeré tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ló ń sọ. Agbègbè yín ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ọbájànà wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin yìí ti wa tírélà níbẹ̀ nígbà kan, kó sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú eruku funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí àwọn ọmọ gáréèjì pè é ní Sìmẹ́ǹtì, kó sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ayé. Orúkọ náà tutù, ó wúwo, ó sì láwọ̀ eérú. Òfin òkè yẹn ṣì dúró o: Sìmẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ fi sìmẹ́ǹtì ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Bí ẹ bá ti ní orúkọ lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ sí ibi mẹ́ta. Ẹ fi sẹ́nu bàbá àgbà níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ fi sẹ́nu alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó. Ẹ fi sẹ́nu akọ̀wé kóòtù tó ń ka ẹ̀sùn. Bí wọ́n bá lè pè é níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, ó ti yege. Ìkàlayé kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà ìsọmọlórúkọ. Títù Dúrósinmí yóò jókòó sí tábìlì ọlọ́lá níbi ìgbéyàwó náà, wọ́n á sì ní kó wá gbàdúrà.

Ọ̀rọ̀ Olóyè yẹn wá kù. Kí ẹ ṣọ́ra gidi. Lọ́dọ̀ yín, ilé kan mọ ilé kejì láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Kàbà, oyè kan sì ní ẹni kan ṣoṣo tó ń jẹ ẹ́ lásìkò kan. Bí ẹ bá kọ Ọbarò, Ọbadòfin tàbí Ọbajẹmu mọ́ ọ̀daràn lára, ẹ kò dá ẹ̀dá-ìtàn, ẹni tó wà láàyè lẹ ń tọ́ka sí. Ẹ yọ oyè náà kúrò. Alága tó o. Ohun tó máa ń fa ẹjọ́ ni kí orúkọ, ìlú àti iṣẹ́ bá ti ènìyàn gidi kan mu. Ẹ tẹ orúkọ náà pẹ̀lú orúkọ ìlú yín sínú Google àti Facebook, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn, lẹ́ẹ̀kan láìsí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi àgbàlagbà kan tó mọ ìdílé dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sí lórí ìkànnì rárá. Bí ohun méjì nínú mẹ́ta yẹn bá bára mu, ẹ yí ọ̀kan padà: ẹ gbé e kúrò ní ìlú náà, tàbí kí ẹ yí òwò rẹ̀ padà. Ìkéde tí wọ́n ń tẹ̀ síwájú ìwé, pé kò sí ẹni gidi nínú ìtàn, kò ní gbà yín sílẹ̀ bí gbogbo ọjà bá ti mọ ẹni tí ẹ ń bá wí.

Mo tún rí i pé àwọn kan a máa sá fún wàhálà yìí nípa fífún ọ̀daràn ní orúkọ Ebira, Igala tàbí Fúlàní, kó lè jẹ́ àlejò. Ẹ má ṣe é. Ní Kogí tí gbogbo wa ti jọ ń gbé, òǹkàwé ti mọ ẹ̀tàn yẹn, á sì mọ ọ̀daràn kí òkú àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ó ń ba àárín ará jẹ́, ó ń pa ìfura, ìfura náà lẹ sì ń tà. Ọ̀daràn tó ń jẹ́ irú orúkọ tí àbúrò ìyá òǹkàwé ń jẹ́ ló ń mú kó ti ìlẹ̀kùn lálẹ́.

Bí ẹ bá gba Dúrósinmí, ẹ wo orúkọ àwọn tó kù. Bí ọlọ́pàá yín bá ń jẹ́ Délé tàbí Dàpọ̀, ẹ yí i padà, nítorí ojú tó ń sáré kàwé, lẹ́tà àkọ́kọ́ àti gígùn orúkọ ló ń gbá mú. Bọ́sẹ̀ tàbí Yẹ̀kínì yóò jìnnà sí Dúró dáadáa.

Nígbà tí ẹ bá wá ń pààrọ̀ orúkọ nínú kọ̀ǹpútà, Ctrl+H nìkan kò tó. Lẹ́tà tó ní àmì ohùn ní ju ọ̀nà kan lọ tí wọ́n lè gbà fi pamọ́, ohun tí ẹ tẹ̀ lórí fóònù lè yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà bó tilẹ̀ jọra lójú, kí Ìkàlayé mélòó kan sì ṣẹ́ kù sínú ìwé tí ẹ ò mọ̀. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta àárín rẹ̀ tí kò ní àmì, `lay`, kí ẹ máa gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tẹ Replace All, torí yóò kó àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn. Lílọ lọ́kọ̀ọ̀kan yìí tún wúlò fún nǹkan mìíràn: ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà níbi kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹ bá ti kọ "Ìkàlayé rẹ́rìn-ín ìkà" tàbí "ó fi ojú apànìyàn wò ó", orúkọ àtijọ́ ló bí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ yọ wọ́n. "Dúrósinmí rẹ́rìn-ín" ti tó.